Òpó sáìnbọ́ọ̀dù wa lọ́ ṣùgbọ́n kò tẹ̀: kí ni ṣíà-fílò ní í ṣe pẹ̀lú ojú ìjórin?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ayétòrò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin kan níbí ní Òṣogbo. A gbé òpó sáìnbọ́ọ̀dù kan dúró ní apá Òkè-Fíà. Ṣíìtì irin 3 mm méjì la tẹ̀ ní ìgun, a kọjú wọn síra, wọ́n sì di òpó onígun mẹ́rin, 100 mm sí 100 mm, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Pátákó yọ síta lápá kan ṣoṣo. Ìjì òjò kan fẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ pátákó ti yí ojú kúrò ní títì. Òpó dúró gbọn-in, kò tẹ̀, kò ṣẹ́. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní ṣíà-fílò, q = T / (2A), mo sì há a sórí, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tó ti kan òpó yìí. Kí ló dé tó fi lọ́ láìtẹ̀?

Jórinjórin_Sábó

Ṣíìtì yín ló fẹ́lẹ́, àbúrò. Èmi ò lè fi 3 mm ṣe òpó mítà mẹ́rin láéláé. Ẹ ra 5 mm, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe tẹ tàkọ́kọ́, kò ní lọ́ mọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ri òpó mọ́lẹ̀ nílùú yìí, kò sí èyí tó lọ́ rí nínú wọn.

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun

Ẹ má bínú, ṣé ohun tó ń ṣàn nínú òpó náà lẹ ń bèèrè? Tí omi òjò bá ń gba orí rẹ̀ wọlé, tí kò rí ibi jáde, inú ni yóò ti jẹ irin náà. Ẹ lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ohun tí mo ṣe sí òpó géètì mi nìyẹn.

Bàbá_Rólíńgì

Akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè rẹ dára. Títẹ̀ lọ́tọ̀, lílọ́ lọ́tọ̀. Irin tí ẹ lò tó fún títẹ̀, ìdí nìyẹn tí òpó fi dúró gbọn-in. Ohun tí kò tó ni ohun tó mú etí ṣíìtì méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan mẹ́ta: báwo ni pátákó náà ṣe tóbi tó, báwo ni àárín rẹ̀ ṣe jìnnà sí òpó tó, báwo lẹ sì ṣe jórin ojú ibi tí ṣíìtì méjèèjì ti pàdé?

Kí o tó dáhùn, ṣe nǹkan kan fún mi. Lọ bá àwọn tó ń ta aṣọ lọ́jà, kí o tọrọ páálí róbótó tí wọ́n máa ń ká aṣọ lé. Di orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí o lọ́ ọ bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ. Kò ní gbà fún ọ. Wá fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìdí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o tún un lọ́. Wẹ́rẹ́ ni yóò lọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. O ò yọ nǹkan kan kúrò lára páálí náà, sísanra rẹ̀ kò sì dín. Tẹjú mọ́ ojú ibi tí o là. Wàá rí i pé etí kan ń sún gòkè, èkejì ń sún sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá ní gígùn páálí. Nígbà tí páálí ṣì wà lódindi, agbára kan wà lójú ibẹ̀ tí kò jẹ́ kí etí méjèèjì sún báyẹn. Agbára yẹn, tí o bá wọ̀n ọ́n lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn, òun ni q tí olùkọ́ rẹ kọ sójú pátákó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ayétòrò

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti ṣe ti páálí, bí ẹ ṣe wí ló rí. Ẹnu yà mí.

Pátákó jẹ́ mítà 1.2 ní fífẹ̀, 0.8 ní gíga. Etí rẹ̀ jìnnà sí òpó díẹ̀, nítorí náà láti òpó dé àárín pátákó jẹ́ 0.75 m. Ní ti ìjórin, a ò jórin rẹ̀ tán. Táàkì la ta sójú méjèèjì, ọ̀kan ní gbogbo 300 mm, táàkì kọ̀ọ̀kan gùn tó 20 mm. Lẹ́yìn náà ni a fi fáílìn ha ojú rẹ̀ kó lè dán, a wá fi ìkùn dí àwọn àlàfo rẹ̀ kí a tó kùn ún.

Bàbá_Rólíńgì

O ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ. Jẹ́ kí a fi ìṣirò lé e kó lè hàn. T ni agbára lílọ́ tó bọ́ sára òpó.

Mo gbà pé ìjì náà ń ti pátákó pẹ̀lú níútọ̀nù 500 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìjì tó ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 100 ní wákàtí kan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pátákó yín fẹ̀ tó 0.96 m², nítorí náà 480 N ló bọ́ sí àárín rẹ̀.

```
T = 480 × 0.75 = 360 N·m = 360 000 N·mm
A = 100 × 100 = 10 000 mm²
q = T / (2A) = 360 000 / 20 000 = 18 N/mm
```

Kíyè sí A yẹn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Kì í ṣe ìwọ̀n irin o, ìwọ̀n ihò tí irin yí ká ni. Àárín sísanra ògiri ló yẹ kí a ti wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n mo fi 100 ṣe é kí ìṣirò lè rọrùn. Bí ògiri bá ń fi agbára q fà yí ká, ègé kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àárín òpó, jíjìnnà yẹn ló sì ń sọ agbára di lílọ́. Tí o bá fa ìlà láti àárín lọ sí orí méjèèjì ègé kan, ìgun mẹ́ta kékeré ló máa yọ, ohun tí ègé náà sì mú wá sínú lílọ́ jẹ́ q lọ́nà ìlọ́po méjì ìgun mẹ́ta yẹn. Kó gbogbo wọn jọ, wọ́n kún ihò òpó dẹ́nu. Ibẹ̀ ni 2A ti wá. Ọ̀gbẹ́ni Bredt ní ilẹ̀ Jámánì ló gbé e jáde lọ́dún 1896, ẹni tó ń ṣe kéréènì ni, ó sì mọ ohun tí irin ń fojú rí.

Níútọ̀nù 18 lórí mìlímítà kan kò jọjú. Ògiri 3 mm pín in sí 6 N/mm² péré. Irin lásán máa ń gbà tó 140 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu lábẹ́ irú agbára yìí. Tí òpó yín bá jẹ́ odindi, kò ní yí ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta dígírì kan lọ láti ìdí dé orí. Ojú lásán kò ní rí i.

Ṣùgbọ́n 18 yẹn kò mọ̀ pé ojú ìjórin wà lọ́nà. Bó ṣe wà nínú ògiri ló ṣe gbọ́dọ̀ kọjá lójú ìjórin. Ní gbogbo 300 mm, táàkì kan ṣoṣo ló ń gbé e:

```
18 × 300 = 5 400 N lórí táàkì kan
táàkì 20 mm, sísanra 2 mm:  5 400 / 40 = 135 N/mm²
táàkì 20 mm, sísanra 1 mm:  5 400 / 20 = 270 N/mm²
```

Fáílìn yín ló sọ 2 mm di 1 mm. Irin tó lé díẹ̀ sí ojú òpó, tí ẹ kà sí ohun tí kò dáa lójú, òun ni ó ń gbé ẹrù. Nígbà tí táàkì kan já, èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ti ara rẹ̀ àti ìdajì ti èyí tó já. Bí síìpù ṣe ń ṣí ló ṣe máa ń ṣí lọ. Tí ẹ bá jórin rẹ̀ láti orí dé ìdí, kódà kó jẹ́ 2 mm péré ló sanra, 9 N/mm² ni ojú ìjórin ì bá rí.

Jórinjórin_Sábó

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà tán. Bí òpó bá tiẹ̀ là, tí irin bá nípọn, nípọn rẹ̀ ló ń gbà á là. 5 mm kì í ṣe ẹgbẹ́ 3 mm.

Bàbá_Rólíńgì

Ọ̀gá mi, ẹ jàre lápá kan. Bí òpó bá ti là, sísanra ṣe pàtàkì gan-an, torí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń fi sísanra sọ di púpọ̀ nínú ìṣirò rẹ̀. Òpó 5 mm tó là le ju 3 mm tó là lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀ sókè díẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. J ni òdiwọ̀n bí òpó ṣe le tó sí lílọ́:

```
tó pé,  3 mm:  J = 4 × A² / (400 / 3) = 3 000 000 mm⁴
tó là,  3 mm:  J = 400 × 3³ / 3       =     3 600 mm⁴
tó là,  5 mm:  J = 400 × 5³ / 3       =    16 667 mm⁴
```

Òpó 5 mm tó là ṣì rọ̀ ní ìlọ́po 180 ju 3 mm tó pé lọ. Owó irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àìlera ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: àwọn òpó tí ẹ ti ń ṣe láti ogún ọdún, ṣé ṣíìtì lẹ máa ń tẹ̀ ni, àbí páìpù tí wọ́n ti ṣe tán láti ilé iṣẹ́?

Jórinjórin_Sábó

Páìpù ni. Ilé iṣẹ́ ti jórin wọn pa láti orí dé ìdí. Mo rí ohun tí ẹ ń sọ. Ó lè jẹ́ ohun tí kò jẹ́ kí tèmi lọ́ nìyẹn, kì í ṣe nípọn. Síbẹ̀ mi ò ní lo 3 mm lẹ́bàá títì, tórí ọkọ̀ tó lè fi ẹ̀gbẹ́ gbá a.

Bàbá_Rólíńgì

Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, mo sì gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀.

Ọmọ Odò Ọ̀ṣun, mi ò gbàgbé yín. Kì í ṣe omi la ń sọ, orúkọ ni wọ́n yá lọ́wọ́ omi. Ẹ wo gọ́tà nígbà òjò: ibi tó há, omi á sáré, ibi tó fẹ̀, omi á rọra, iye omi tó ń kọjá kò sì yàtọ̀. Ògiri òpó rí bẹ́ẹ̀. Q kan náà ló yí i ká. Tí ẹ bá fọkàn gé ègé kékeré kan jáde lára ògiri, agbára kan ń fà á gòkè lápá ọ̀tún, òmíràn ń fà á sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì, kò sí ẹlòmíràn tó ń fà á ní gígùn. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ègé náà kò ní dúró. Nítorí náà ohun tó wọlé lápá kan gbọ́dọ̀ jáde lápá kejì, ì báà jẹ́ ibi tó nípọn tàbí ibi tó fẹ́lẹ́.

Ìdí tí ìmọ̀ràn yín lórí ihò omi fi wúlò nìyí. Ká ní ìpẹtà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan láti inú, tí 3 mm ti di 1.5. Ẹ̀gbẹ́ tó kù kò ní bá a gbé nínú ẹrù rẹ̀. 18 náà ni yóò gba ibẹ̀ kọjá, sítírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ yóò sì di 12 dípò 6. Àwọn èèyàn rò pé apá tó nípọn ló ń jìyà jù. Rárá, apá tó fẹ́lẹ́ ni.

Ẹ̀ńjíníà_Òkè-Báálẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ní ìbéèrè kan fún Bàbá. Bí a bá lo J ti òpó tó là, 3 600, lórí mítà 4, ìṣirò á ní kó yí tó radian 5, ìyẹn ju dígírì 280 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní pátákó kàn yí ojú kúrò ní títì ni. Ibo ni ìyókù wà? Mo sì fura sí nǹkan méjì. Òpó yìí wọ inú péléètì tí a fi bóòtù dè mọ́ kọnkéré, etí ṣíìtì méjèèjì kò lè sún kọjá ara wọn níbẹ̀. Ìdí òpó ń ṣe bí ẹni tó pé. Òun ló ń mú kí apá ìsàlẹ̀ le ju bí ìṣirò yẹn ṣe wí. Èkejì, ìjì kì í dúró lójú kan. Nígbà tí pátákó ti yí díẹ̀, afẹ́fẹ́ kò rí i gbá bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá_Rólíńgì

Òótọ́ ni. Mo fi J tó là hàn kí a lè rí bí àyè ṣe jìn sí ara wọn tó, kì í ṣe pé kí a fi sọ iye tí yóò yí. Ó tún kù kan: sítírẹ́ẹ̀sì nínú òpó tó là, T × t / J níbi tí t jẹ́ sísanra, jẹ́ 300 N/mm², irin ti yọnu kó tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pátákó kò fi padà sójú títì nígbà tí ìjì rọlẹ̀.

Àǹtí_Géètì_Ìgbóǹnà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n da tèmi pọ̀ mọ́ ọn. Òpó iná sólà ni mo ń ṣe, 150 sí 50 mm, 3 mm. Mo tẹ̀ lé ìṣirò Bàbá, mo fi 400 × 3 ṣe A mi, mo rí 1 200. Q mi wá ga gan-an, àyà mi já. Ìkejì, mo máa ń gé fèrèsé kan sí ìdí òpó, 300 mm ní gíga, kí n lè ti bátìrì wọlé. Ṣé fèrèsé yẹn ti sọ ọ́ di òpó tó là?

Bàbá_Rólíńgì

Ìyáàfin, ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́. 1 200 yẹn ìwọ̀n irin ni. Ihò ni kí ẹ wọ̀n: 150 × 50, 7 500 mm². Tí T bá jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, q yín yóò jẹ́ 24. Irin kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì rà, 400 mm yí ká, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ tẹ tiyín pẹlẹbẹ, ihò rẹ̀ kéré, q sì ga sókè. Yóò tún yí tó ìlọ́po méjì ti onígun mẹ́rin dídọ́gba, ó dín díẹ̀.

Ní ti fèrèsé, rárá, kò tíì sọ gbogbo òpó di èyí tó là. Òkè fèrèsé àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì pé. Ṣùgbọ́n q tó dé etí fèrèsé kò rí ọ̀nà tààrà mọ́, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yípo. Àwọn igun fèrèsé náà ló máa jìyà jù, pàápàá tí ẹ bá fi fáílìn gé wọn ní ṣóńṣó. Ẹ jẹ́ kí igun náà rí róbótó, kí ẹ sì jórin férémù irin pẹlẹbẹ yí fèrèsé ká, jíjórin tán, kì í ṣe táàkì.

Ẹ̀ńjíníà_Òkè-Báálẹ̀

Mo gbà ìgun róbótó. Ti férémù ni mi ò gbà pátápátá. Fèrèsé 300 mm lára òpó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 150 lọ ti gùn jù fún férémù lásán, ó dà bíi pé ibẹ̀ ti di òpó tó là fún ìwọ̀n 300 mm náà. Èmi á dín fèrèsé kù tàbí kí n fi ilẹ̀kùn onibóòtù dí i, kí bóòtù lè máa gbé q kọjá.

Bàbá_Rólíńgì

Ilẹ̀kùn onibóòtù? Ihò bóòtù máa ń fẹ̀ ju bóòtù lọ. Etí yóò ti sún kí bóòtù tó fara kan ihò rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, tó sì wọ̀n ọ́n, kó bá wa sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ayétòrò

Mo padà lọ wo òpó náà láàárọ̀ yìí. Mo ha ọ̀dà kúrò lójú ìjórin ẹ̀yìn. Nínú táàkì 13 tó wà níbẹ̀, 11 ló ti já, méjì tó wà nísàlẹ̀ ló kù. Ti iwájú ṣì pé. Mo rí ohun tí ẹ sọ pẹ̀lú ojú mi: nísàlẹ̀, ìdajì méjèèjì táàkì tó já ṣì kọjú síra, ṣùgbọ́n lókè wọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, ìdajì kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó lé díẹ̀ ní 1 mm. Pátákó ti yí tó dígírì 10. Mi ò gbà tẹ́lẹ̀ pé mìlímítà kan péré lè yí pátákó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi ní kí a kàn jórin ojú ẹ̀yìn náà pa níbi tó wà. Ṣé ó dáa?

Bàbá_Rólíńgì

Má ṣe jẹ́ kí wọ́n jórin rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá pa á báyìí, ẹ ti sọ lílọ́ yẹn di tirẹ̀ títí ayé. Òpó tó bá ti pé kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni láti yí i padà mọ́, o rí i lára páálí rẹ.

Ẹ tú pátákó kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ so igi gígùn mọ́ orí òpó, kí ẹ yí i padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ṣì là, ẹ ó rí i pé kò ní le. Ìdajì táàkì tó já ni kí ẹ fi ṣe àmì: nígbà tí wọ́n bá ti kọjú síra padà láti ìdí dé orí, òpó ti tọ́. Ẹ wá ta táàkì tuntun sáàárín wọn, kí ẹ sì jórin ojú méjèèjì tán, àti iwájú tí kò tíì já. Ẹ má jórin láti ìsàlẹ̀ lọ sókè léraléra, ooru yóò fa òpó náà tẹ̀. Ẹ ṣe 100 mm níbí, ẹ fo lọ sápá kejì, ẹ padà wá. Ẹ má sì fi fáílìn kan ojú rẹ̀.

Jórinjórin_Sábó

Àbúrò, tí ẹ bá fẹ́ yí i padà, mo ní páìpù tó nípọn tí ẹ lè fi ṣe ọ̀pá. Ẹ wá gbà á ní Sábó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ayétòrò

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá mi ti gbà. Ọjọ́ Sátidé la máa tú pátákó náà, mo ń bọ̀ wá gba páìpù lọ́jọ́ Ẹtì. Mo máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kọjá ojú ìjórin méjèèjì lẹ́yìn tí a bá parí, ní òkè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí n lè mọ̀ lẹ́yìn ìjì tó ń bọ̀ bóyá etí kankan sún.

Àǹtí_Géètì_Ìgbóǹnà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ọ̀rọ̀ fèrèsé mi tì. Mo ní òpó mẹ́fà tó ń dúró de ìdáhùn.